Ìdí tí bọ́bùlù sọ́ọ̀tù fi ń rá pálá lórí àkójọ gígùn

*"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi Páítọ́ọ̀nù kọ bọ́bùlù sọ́ọ̀tù láti to nọ́ńbà ìdánimọ̀ lẹ́sẹẹsẹ láti orí èyí tó kéré jù. Nígbà tí mo fi nọ́ńbà 200 dán an wò, n kò tíì gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnì tó ti parí. Mo wá kó nọ́ńbà 100,000 sí i, mo dúró fún ìṣẹ́jú 10, kò fọhùn, mo bá pa á. Ṣé kọ̀ǹpútà mi ló ti gbó ni, àbí kóòdù mi ló ní àṣìṣe? Kóòdù náà nìyí nísàlẹ̀."*

Àbúrò mi, kọ̀ǹpútà rẹ kò gbó, kóòdù rẹ kò sì ní àṣìṣe kankan. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ lé e. Ká ní o mú sùúrù sí i ni, ó ṣeé ṣe kó má ju bí ìṣẹ́jú 7 mìíràn lọ tí ìdáhùn ì bá fi jáde. Màá fi bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ hàn ọ́. Inú ọgbọ́n ìtò náà fúnra rẹ̀ ni wàhálà yìí wà: àfi ohun méjì tó bá fara kanra nìkan ló lè pààrọ̀ ipò. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló bí gbogbo ìlọ́ra tí o rí.

Kóòdù tí o fi ránṣẹ́ nìyí. Mo yọ àwọn ìlà tó ń ka fáìlì kúrò, mo sì fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ ìtò sílẹ̀:

```python
def bubble_sort(a):
    n = len(a)
    for i in range(n - 1):
        swapped = False
        for j in range(n - 1 - i):
            if a[j] > a[j + 1]:
                a[j], a[j + 1] = a[j + 1], a[j]
                swapped = True
        if not swapped:
            break
```

Má jẹ́ ká tíì sọ̀rọ̀ nípa 100,000. Jẹ́ ká mú nọ́ńbà márùn-ún péré, ká sì máa wo ohun tí lúùpù inú ń ṣe. Àkójọ wa ni 7, 4, 9, 2, 5. Kóòdù náà bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì, ó wo 7 àti 4. 7 ju 4 lọ, ó sì wà níwájú rẹ̀, nítorí náà wọ́n pààrọ̀ ipò. Ó sún síwájú ní ẹsẹ̀ kan, ó wo 7 àti 9. Àwọn yìí wà bó ṣe yẹ, ó fi wọ́n sílẹ̀. Ó wo 9 àti 2, ó pààrọ̀ wọn. Ó wo 9 àti 5, ó tún pààrọ̀ wọn. Ìrìn àkọ́kọ́ parí síbẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ yìí ni àkójọ náà kí a tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ìlà yòókù sì ni bó ṣe rí lẹ́yìn pàṣípààrọ̀ kọ̀ọ̀kan:

```
7 4 9 2 5
4 7 9 2 5
4 7 2 9 5
4 7 2 5 9
```

Wo 9 dáadáa. Láti ìgbà tí kóòdù ti bá a pàdé láàárín ni kò ti sọ̀ ọ́ sílẹ̀ mọ́. Ó ń gbé e lọ títí ó fi dé ìdí àkójọ. Bí ìfófòó omi tó ń hó ṣe ń ru wá sókè náà ni nọ́ńbà tó tóbi jù ṣe ń ru lọ sí òpin, ibẹ̀ sì ni orúkọ `bubble` ti wá. Ọgbọ́n ìtò náà ti wà ṣáájú orúkọ yìí. Edward Friend ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 1956, àmọ́ ó di 1962 kí Kenneth Iverson tó lo orúkọ tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí.

Níwọ̀n ìgbà tí 9 ti jókòó síbi tó yẹ ẹ́, ìrìn kejì kò ní ìdí láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni iṣẹ́ `n - 1 - i` tí o kọ. Ìrìn kejì fi 4 àti 7 sílẹ̀, ó pààrọ̀ 7 àti 2, ó sì pààrọ̀ 7 àti 5. Ó ku 4, 2, 5, 7, 9. Ìrìn kẹta pààrọ̀ 4 àti 2, ó wo 4 àti 5, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ìrìn kẹrin wo 2 àti 4, kò rí ohun tó máa ṣe, ó dúró. Ka gbogbo rẹ̀ pọ̀: kóòdù rẹ fi nọ́ńbà wéra nígbà 10, ó sì ṣe pàṣípààrọ̀ 6.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí nìyí. Padà sí àkójọ náà bó ṣe wà kí a tó fọwọ́ kàn án, 7, 4, 9, 2, 5. Má wo àwọn tó fara kanra nìkan. Wo gbogbo méjì-méjì tó lè wà nínú rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jìnnà síra, kí o sì wá ibi tí èyí tó tóbi ti wà níwájú èyí tó kéré. Màá pe irú méjì bẹ́ẹ̀ ní òdì, torí pé wọ́n kọ ojú sódì sí ètò tí a ń fẹ́. 7 wà níwájú 4, níwájú 2, àti níwájú 5: òdì mẹ́ta nìyẹn. 4 wà níwájú 2: ó di mẹ́rin. 9 wà níwájú 2 àti 5: ó di mẹ́fà. Kò sí òmíràn mọ́. Òdì mẹ́fà, pàṣípààrọ̀ mẹ́fà.

Kì í ṣe pé ó ṣèèṣì bọ́ sí i. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn ní gbogbo ìgbà, lórí àkójọ èyíkéyìí, ìdí rẹ̀ kò sì le. Nígbà tí 9 àti 2 tó fara kanra bá pààrọ̀ ipò, ta ló mọ̀ ọ́n lára? 7 tó wà lápá òsì wọn ṣì wà lápá òsì àwọn méjèèjì. 5 tó wà lápá ọ̀tún wọn ṣì wà lápá ọ̀tún àwọn méjèèjì. Kò sí ẹnìkẹ́ni láàárín wọn tí wọ́n máa fò kọjá. Òdì tó wà láàárín 9 àti 2 nìkan ló tán, gbogbo òdì yòókù wà bí wọ́n ṣe wà. Nítorí náà pàṣípààrọ̀ kan ń pa òdì kan, kì í pa méjì, kì í sì í ṣàìpa ẹyọ kan. Bí àkójọ kan bá bọ́ sọ́wọ́ rẹ pẹ̀lú òdì 3,000 nínú, pàṣípààrọ̀ 3,000 ló máa gbà kó tó tò. A ti kọ iye yẹn sínú àkójọ náà kí kóòdù rẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kò sì sí ọgbọ́n kankan tí o lè dá sínú lúùpù rẹ tó máa dín in kù, bí o bá ṣì fi dandan lé e pé aládùúgbò méjì nìkan ló lè pààrọ̀.

Ó wá ku pé ká mọ iye òdì tó máa ń wà nínú àkójọ tí a kò tò. Àlàyé kan wà níbí tí mo fẹ́ràn gan-an nítorí pé kò béèrè ìṣirò líle. Mú àkójọ èyíkéyìí, kí o sì kọ ọ́ láti ẹ̀yìn sí iwájú. Méjì-méjì tó jẹ́ òdì nínú ti àkọ́kọ́ máa wà létò nínú ti kejì, èyí tó wà létò nínú ti àkọ́kọ́ á sì di òdì nínú ti kejì. Bí o bá wá ka òdì inú àwọn méjèèjì pọ̀, iye gbogbo méjì-méjì tó wà ni wàá bá gan-an. Ìyẹn ni pé bí a bá da nọ́ńbà rú láìṣe ojúsàájú, ìdajì gbogbo méjì-méjì ló máa jẹ́ òdì, ní ìpíndọ́gba.

Gbogbo méjì-méjì wá jẹ́ mélòó? Bí nọ́ńbà bá jẹ́ n, ẹni kọ̀ọ̀kan lè bá n − 1 yòókù so pọ̀, a sì ti ka ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà a pín in sí méjì: n × (n − 1) ÷ 2. Fún nọ́ńbà 5 wa, 10 ni. Fún 200 tìrẹ, 19,900 ni. Fún 100,000, ó jẹ́ 4,999,950,000, bílíọ̀nù 5 ní kúkúrú. Iye kan náà yìí sì ni iye ìgbà tí kóòdù rẹ máa fi nọ́ńbà wéra bí kò bá rí àyè dúró ṣáájú, torí pé ìrìn àkọ́kọ́ ń wo n − 1, ìkejì ń wo n − 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi ku 1. Nínú bílíọ̀nù 5 tó bá fi wéra yẹn, nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.5 á yọrí sí pàṣípààrọ̀.

Jẹ́ ká sọ ọ́ di àkókò. Màá fi ojú bù ú pé kọ̀ǹpútà rẹ, pẹ̀lú Páítọ́ọ̀nù, ń ṣe mílíọ̀nù 5 irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìfiwéra àti pàṣípààrọ̀ tó bá tẹ̀ lé e lápapọ̀. Kọ̀ǹpútà kan lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn lè má tó o, ṣùgbọ́n kò jìnnà. Nọ́ńbà 200 á gba nǹkan bí ìdá 4 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan, abájọ tí o kò rí i. Nọ́ńbà 100,000 á gba ìṣẹ́jú-àáyá 1,000, ìyẹn ìṣẹ́jú 16 àti díẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 lo fi dúró. Ibi tí mo ti mú ìṣẹ́jú 7 tí mo sọ lókè nìyẹn.

Àkójọ rẹ gùn sí i ní ìlọ́po 500 péré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà pọ̀ sí i ju ìlọ́po 250,000 lọ. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyí. Ọkàn wa máa ń sọ fún wa pé bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, àkókò náà á di ìlọ́po méjì. Níbí, bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, àkókò á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹrù bá di ìlọ́po 10, àkókò á di ìlọ́po 100. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń kọ ìwà yìí báyìí: O(n²). Bí o bá kó nọ́ńbà mílíọ̀nù kan sí kóòdù kan náà, ìṣẹ́jú-àáyá 100,000 ló máa gbà, èyí tó ju wákàtí 27 lọ.

O béèrè bóyá kọ̀ǹpútà rẹ ti gbó. Ká ní wọ́n fún ọ ní èyí tó yá ju tìrẹ lọ ní ìlọ́po 100 lónìí. Nọ́ńbà 100,000 rẹ á parí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10, inú rẹ á sì dùn. Àmọ́ bí àkójọ náà bá di mílíọ̀nù kan, ìṣẹ́jú 16 àti díẹ̀ tí à ń wí yìí náà lo máa tún jókòó dè é. Kọ̀ǹpútà fi ìlọ́po 100 yá sí i, ìlọ́po 10 péré ni àkójọ tó lè gbé láàárín àkókò kan náà fi gùn sí i. Owó kò lè ra ọ̀nà àbáyọ níbí.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láìdán an wò. Da nọ́ńbà 1,000 rú, kí o sì wo àkókò tó gbà. Ṣe 2,000, kí o sì ṣe 4,000. Lójú ìṣirò mi, wàá rí nǹkan bí ìdá kan nínú 10 ìṣẹ́jú-àáyá, lẹ́yìn náà ìdá 4 nínú 10, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú-àáyá 1.6. Àkókò tìrẹ lè yàtọ̀ sí èyí, kò burú. Ohun tí kò ní yàtọ̀ ni pé ìkọ̀ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí o bá ti rí ìlọ́po mẹ́rin yẹn lẹ́ẹ̀mejì léra, o ti rí àmì àìsàn náà, o kò sì nílò láti fi 100,000 dá ara rẹ lóró kó o tó mọ ibi tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ `break` tí o fi sí ìsàlẹ̀ wá kù. O ṣe dáadáa láti fi í síbẹ̀. Bí ìrìn kan bá kọjá láìṣe pàṣípààrọ̀ kankan, àkójọ ti tò, kí kóòdù dúró. Bí àkójọ bá ti wà létò tẹ́lẹ̀, ìrìn kan ṣoṣo ni, ìfiwéra 99,999, ó parí kí o tó ṣẹ́jú. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe máa ń sọ pé bọ́bùlù sọ́ọ̀tù dára fún àkójọ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tò. Ọ̀rọ̀ yẹn kò pé, èmi náà sì ti jìyà rẹ̀ rí.

Wo àkójọ méjì yìí: 5, 1, 2, 3, 4 àti 2, 3, 4, 5, 1. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ṣáko nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òdì mẹ́rin ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú ènìyàn, ìkan náà ni wọ́n. Nínú ti àkọ́kọ́, kóòdù gbé 5 láti iwájú, ó sì gbé e dé ìdí nínú ìrìn àkọ́kọ́. Ìrìn kejì rí i pé gbogbo rẹ̀ ti tò, ó dúró. Ìfiwéra 7 péré. Nínú ti kejì, 1 tó wà nídìí gbọ́dọ̀ wá sí iwájú. Ṣùgbọ́n kóòdù ń rìn láti òsì sí ọ̀tún, nítorí náà ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ 1, ó ti dé òpin ìrìn rẹ̀. Ó gbé 1 sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan péré, ìrìn parí. Ìrìn tó tẹ̀ lé e tún gbé e sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan. Ó di ìrìn mẹ́rin, ìfiwéra 10, gbogbo iye tó lè ṣe pátápátá. Nínú iṣẹ́ wa, ehoro ni wọ́n ń pe nọ́ńbà tó ń sáré bíi 5 yẹn, ìjàpá ni wọ́n ń pe èyí tó ń wọ́ bíi 1.

Nígbà kan, mo kọ ètò kan fún ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ lójoojúmọ́. Bí àkọsílẹ̀ tuntun bá wọlé, ètò mi á so ó mọ́ ìdí àkójọ tó ti tò, á sì ké sí bọ́bùlù sọ́ọ̀tù. Mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu: àkójọ náà ti tò tán, ẹyọ kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, `break` á dá a dúró kíákíá. Fún oṣù bíi mélòó kan, kò sí ẹni tó ráhùn. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé ojú kọ̀ǹpútà ń dì lọ́jọ́ kan, kì í dì lọ́jọ́ kejì, wọn kò sì mọ ohun tó ń fà á. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó rí i. Bí nọ́ńbà tuntun bá tóbi, ìdí ni ipò rẹ̀, ètò náà parí lójú ẹsẹ̀. Bí nọ́ńbà tuntun bá kéré, ìjàpá ló dé yẹn. Lórí àkójọ 100,000, ìjàpá kan ṣoṣo tí ipò rẹ̀ wà níwájú pátápátá á gba pàṣípààrọ̀ 99,999 péré, ṣùgbọ́n kóòdù á fi wéra nígbà bílíọ̀nù 5 kó tó gbé e débẹ̀. Ìwọ náà, bí o bá ní in lọ́kàn láti máa fi nọ́ńbà tuntun kún ìdí àkójọ rẹ, ìyọnu yìí ń bọ̀ lọ́nà.

Àwọn kan tún un ṣe nípa mímú kí kóòdù máa lọ kó sì máa bọ̀: ìrìn kan sí ọ̀tún, ìrìn kejì sí òsì. Ìyẹn gba ìjàpá là lóòótọ́, torí pé ní ìrìn àbọ̀, ìjàpá di ehoro. Fún ẹyọ kan tó ṣáko, ó tó. Fún àkójọ tó dàrú pátápátá, kò wúlò tó bẹ́ẹ̀, ìwọ náà sì mọ ìdí rẹ̀ báyìí: òdì bílíọ̀nù 2.5 ṣì ń dúró, pàṣípààrọ̀ kan ṣì ń pa ẹyọ kan.

Kí n tó kúrò lórí kóòdù rẹ, ohun kan wà tó lè mú kó dà bíi pé bọ́bùlù sọ́ọ̀tù lọ́ra nígbà tó jẹ́ pé kò ní parí láé. Àwọn míràn kì í lo `for` níta, wọ́n máa ń kọ `while swapped`, kó máa tún un ṣe títí kò fi ní sí pàṣípààrọ̀ mọ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣèèṣì kọ `>=` dípò `>`, tí nọ́ńbà méjì tó dọ́gba sì wà nínú àkójọ, àwọn méjèèjì á máa pààrọ̀ ipò lọ láìdáwọ́ dúró, `swapped` á máa jẹ́ `True` ní gbogbo ìrìn, lúùpù kò sì ní tán. Bí o bá fẹ́ mọ èyí tó ń ṣẹlẹ̀, ka pàṣípààrọ̀ inú ìrìn kọ̀ọ̀kan, kí o sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́yìn ìrìn 100 kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí tó kàn lọ́ra, iye yẹn á máa lọ sílẹ̀ bí òdì ṣe ń tán. Nínú èyí tó ti há, ó máa dúró sójú kan láìyẹ̀. Kóòdù tìrẹ kò ní àléébù yìí, `>` lo lò, `for` rẹ sì ní òpin.

Ó kù kí a wá ọ̀nà mìíràn. Bí pàṣípààrọ̀ aládùúgbò bá ń pa òdì kan péré, ohun tí a ń wá ni ìgbésẹ̀ tó lè pa púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wo èyí: 9, 2, 3, 4, 5, 6, 7, 8, 1. Òdì 15 ló wà nínú rẹ̀. Bọ́bùlù sọ́ọ̀tù á ṣe pàṣípààrọ̀ 15. Bí a bá jẹ́ kí 9 àti 1 tó jìnnà síra pààrọ̀ ipò ní tààrà, gbogbo òdì 15 náà tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjìnnà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: nígbà tí 9 fo gbogbo àwọn tó wà láàárín kọjá, ó yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo wọn.

A kì í mọ ẹni tó yẹ kó fò lọ sí ibi tó jìnnà lójú ẹsẹ̀, nítorí náà a nílò ọgbọ́n. Èyí tó rọrùn láti fojú rí jù ni ìdàpọ̀. Padà sí 7, 4, 9, 2, 5 wa. Gé e sí méjì, 7, 4, 9 lápá kan, 2, 5 lápá kejì. To apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n á di 4, 7, 9 àti 2, 5. Báyìí, máa wo orí apá méjèèjì, kí o sì máa mú èyí tó kéré. 4 àti 2: mú 2. Dúró níbẹ̀ ná. Nígbà tí o mú 2, o ti mú un kọjá iwájú 4, 7 àti 9 pa pọ̀. Ìfiwéra kan ṣoṣo, òdì mẹ́ta ló pa. Lẹ́yìn náà, 4 àti 5: mú 4. 7 àti 5: mú 5, ó kọjá 7 àti 9, òdì méjì tún tán. Apá kejì ti ṣófo, 7 àti 9 tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe wà. Ìfiwéra mẹ́ta pa òdì márùn-ún, àárín nọ́ńbà márùn-ún péré la sì wà. Bí apá kan bá ní 50,000 nínú, ìfiwéra kan lè pa òdì tó tó 50,000.

Apá kọ̀ọ̀kan náà, ọ̀nà kan náà la fi ń tò ó: a gé e sí méjì, a tún gé e sí méjì, títí á fi ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan. 100,000 kò ṣeé gé sí méjì ju ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún lọ kó tó di ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìdàpọ̀ kò gba ju ìfiwéra 100,000 lọ. 17 lọ́nà 100,000 jẹ́ 1,700,000. Fi í sí ẹ̀gbẹ́ bílíọ̀nù 5. Lórí kọ̀ǹpútà rẹ tí o fura sí yìí, ní mílíọ̀nù 5 ẹsẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan.

O kò sì ní láti kọ ọ́ fúnra rẹ. Ìtò tó wà nínú Páítọ́ọ̀nù láti ilé, orí ìdàpọ̀ yìí ni wọ́n kọ́ ọ lé. Tim Peters ló kọ ọ́ lọ́dún 2002. Kó tó ṣe ohunkóhun, ó máa ń wá àwọn ibi tó ti tò tẹ́lẹ̀ nínú àkójọ rẹ, á sì da wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìjàpá tó yọ mí lẹ́nu lọ́jọ́ kìíní kò lè yọ ọ́ lẹ́nu. Bí nọ́ńbà tuntun kan bá sì ń dé lẹ́yọ lẹ́yọ sínú àkójọ tó ti tò, kò tilẹ̀ yẹ kí o to gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. `insort`, tó wà nínú Páítọ́ọ̀nù láti ilé pẹ̀lú, á fi ìfiwéra bíi 17 wá ipò rẹ̀, á sì fi í sáàárín. Ìlà tó o nílò kò ju ìwọ̀nyí lọ, `tuntun` sì ni nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé:

```python
from bisect import insort

a.sort()
insort(a, tuntun)
```

Fi `a.sort()` rọ́pò `bubble_sort(a)` lórí fáìlì 100,000 rẹ lónìí, kí o sì fi nọ́ńbà 1,000, 2,000 àti 4,000 tí mo ní kí o dán wò tẹ́lẹ̀ dán an wò pẹ̀lú. Lọ́tẹ̀ yìí, àkókò á máa lọ sókè ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àti díẹ̀, kì í ṣe mẹ́rin. Ó lè kéré débi pé aago rẹ kò ní lè wọ̀n ọ́n dáadáa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, fi 100,000, 200,000 àti 400,000 ṣe é.